Oòrùn Inú Géèmù Kì í Ṣe Àwòrán Lásán

Ẹnì kan sọ ní yàrá wa pé oòrùn àti òjò inú Minecraft, ẹ̀ṣọ́ lásán ni, pé wọ́n kàn yà á síbẹ̀ kí ojú lè rí nǹkan wò ni. Èmi ò gbà. Nínú géèmù tó jẹ́ pé kéèyàn má kú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, oòrùn níṣẹ́ tó ń ṣe, òjò náà sì níṣẹ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí.

Ọjọ́ kan nínú Minecraft, ogún ìṣẹ́jú péré ni lórí aago tiwa. Ojúmọmọ gba ìṣẹ́jú 10 nínú rẹ̀, òru gba 7, ìrọ̀lẹ́ gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀, àfẹ̀mọ́júmọ́ náà gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Kéèyàn tó gé igi, kó tó wá àgùntàn mẹ́ta tí yóò fi irun wọn ṣe bẹ́ẹ̀dì, oòrùn ti ń wọ̀. Tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, àwọn iwin á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: sọ́ńbì, egungun tó ń tafà, aláǹtakùn ńlá, àti kírípà, ìyẹn ẹ̀dá eléwé tó máa ń rọra rìn sún mọ́ni tí á sì bú gbàù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé géèmù náà kì í wo aago kó tó tú iwin sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń kà. Gbogbo ibi ló ní nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀, láti 0 dé 15. Ìta gbangba lọ́sàn-án jẹ́ 15. Lóru, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run á lọ sílẹ̀ dé 4. Iwin lè hù níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run bá ti jẹ́ 7 tàbí kó dín sí i. Ìdí nìyẹn tí inú ihò àpáta fi léwu lọ́sàn-án gangan, torí oòrùn ò dé ibẹ̀. Ògùṣọ̀ náà ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. 14 ni nídìí rẹ̀, a sì máa fi oókan dín ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi jìnnà sí i. Láti ẹ̀dà 1.18 tó jáde ní 2021, bí ìmọ́lẹ̀ ògùṣọ̀ bá ti kan ilẹ̀ kan, kódà kó ku 1 péré, ọ̀pọ̀ iwin ò ní lè hù níbẹ̀ mọ́.

Tílẹ̀ bá wá mọ́ ńkọ́? Oòrùn á jó sọ́ńbì àti egungun tó bá wà ní gbangba. Ẹ ó rí i tí iná bá ń jó lára wọn tí wọ́n ń sá kiri. Àmọ́ èyí tó bá sá sábẹ́ igi tàbí tó wọ inú omi á yè é, egungun tó bá dé akoto náà á yè é. Kírípà kì í jóná rárá. Òun gan-an ni mo máa ń bẹ̀rù láàárọ̀. Aláǹtakùn ò ní jóná, ṣùgbọ́n kò ní dá ìjà sílẹ̀ mọ́ àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ibí ni òjò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí òjò bá ń rọ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, sọ́ńbì tó yẹ kó jóná á kàn máa rìn bọ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn ni, torí ara rẹ̀ ti tutù, iná ò lè ràn án. Òjò lásán ò lè mú iwin tuntun hù lọ́sàn-án, àwọn tó ti wà nílẹ̀ ló ń dáàbò bò. Òjò alárá ló burú jù. Bí àrá bá ti ń sán, géèmù á yọ 10 kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀run nígbà tó bá ń wá ibi tí iwin máa hù sí. 15 á di 5. Ọ̀sán gangan ni lójú wa, àmọ́ ní ti iwin, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi nígbà ìsinmi. Ipò Hardcore ni wọ́n ń ta, ìyẹn ni pé ẹ̀mí kan ṣoṣo lẹ ní. Tẹ́ ẹ bá kú, ó parí, bó ti wù kí ilé tẹ́ ẹ ti kọ́ ga tó. Ọ̀sẹ̀ méjì la ti fi ń kọ́ ayé yẹn, àwọn ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń wò, mo sì ń dá sí i. Wọ́n ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti wa dáyámọ́ńdì méje, ó ku bí 300 búlọ́ọ̀kù kí wọ́n délé, wọ́n wà láàárín pápá. Ojú ọ̀run ṣú, òjò dé, àrá sán.

Wọ́n ní àwọn á sáré lọ sílé. Mo ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń rìn kì í rìn ju búlọ́ọ̀kù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú pápá tí iwin ti ń hù. Tí wọ́n bá sáré, á dín kù díẹ̀, àmọ́ ebi ti ń pa wọ́n, ẹni tébi ń pa ò sì lè sáré pẹ́.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ sùn.”

“Lọ́sàn-án? Ta ló ń sùn lọ́sàn-án nínú Minecraft?”

Òótọ́ ni o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, ohun tí yóò kọ síwájú yín ni “You can sleep only at night or during thunderstorms”. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìparí rẹ̀ dáadáa. Àrá tó jẹ́ kí iwin rí ọ̀sán bí òru náà ló jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì rí i bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹrù wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó kọ “You may not rest now; there are monsters nearby”. Sọ́ńbì kan ti wà nítòsí.

Wọ́n fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ mọ ògiri yí ara wọn ká. Ògiri ò wúlò níbẹ̀, torí ọ̀nà jíjìn ni bẹ́ẹ̀dì ń kà: búlọ́ọ̀kù 8 sí ẹ̀gbẹ́, 5 sókè àti sísàlẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí àtẹ̀gùn dé búlọ́ọ̀kù méje, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n ṣe yàrá kékeré kan, wọ́n fi ògùṣọ̀ kan sí i, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbà. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, èmi náà ò mí.

Wọ́n jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Téèyàn bá sùn, àrá àti òjò á dá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n gòkè, sọ́ńbì méjì ń jó gìrìgìrì nínú oòrùn. Wọ́n fẹ́ bẹ́ jáde, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn igi. Kírípà kan wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà jíjìn yí i ká, wọ́n sì délé pẹ̀lú dáyámọ́ńdì méjèèje.

Ohun kan ló dùn wọ́n: àlìkámà tí wọ́n gbìn ò tíì tó kórè. Oorun máa ń ti aago síwájú, kì í ti irúgbìn. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n sùn, kí n wá oúnjẹ. Mo fi ọ̀pá ìpẹja hàn wọ́n, mo sì sọ pé ká ní òjò ṣì ń rọ̀ ni, ẹja ì bá tètè jẹ ìwọ̀.