Gbọ̀ngàn Kún, Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Sá

Màmá àgbà ló kọ́kọ́ pè mí láti Ṣakí, lórí fóònù kékeré wọn. "Kí ló ṣe ìyá ẹ? Ó la ẹnu, kò sì pa á dé mọ́!" Mo gbójú sókè wo pèpéle. Màmá mi ń sọ̀rọ̀ lọ geere. Àyà mi já.

Ìpàdé àpérò àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn. Bọ̀dá mi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kí ó máa fi ìpàdé náà hàn lórí YouTube bó ṣe ń lọ, fún àwọn tí kò lè wá. Bọ̀dá ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà, ó sì fi ti Ìbàdàn lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò tíì san ìdajì owó wa. Ṣùgbọ́n Màmá àgbà ló wà lọ́kàn mi jù. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè wọkọ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ọmọ wọn níbi tó ti ń ka iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kámẹ́rà mẹ́ta ni mo gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ń wo gbogbo pèpéle láti ẹ̀yìn, ọ̀kan ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ń wo àwọn tó jókòó. Wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú suwíṣà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ní bọ́tìnnì tí mo ń tẹ̀ láti yan kámẹ́rà tí àwọn òǹwòran yóò rí. Láti ibẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo ń lọ sínú kọ̀ǹpútà, OBS inú kọ̀ǹpútà sì ń fi í ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì títẹ̀ dùn mọ́ mi, mo sì rò pé òun ni iṣẹ́.

Àwòrán ara suwíṣà mọ́ kedere, nítorí náà kì í ṣe kámẹ́rà ló ṣẹ̀. Mo wo OBS. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, iye tó wà níwájú `Skipped frames due to encoding lag` ni ìbá máa gòkè. Òdo ló wà níbẹ̀. `Dropped Frames (Network)` ló ń sáré gòkè. Àwòrán ń jáde lára kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ni kò gbà á.

Àárọ̀ ni mo ti wọn ọ̀nà náà. Iye méjì ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa ń fi hàn. Èyí tó tóbi, tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ lé lórí, ni ti ohun tó ń wọlé. Èyí tó kéré, ti ohun tó ń jáde, ni tiwa. Ó fi 14 Mbps hàn. 6 Mbps ni mo ń fi ránṣẹ́, kò tó ìdajì, ọkàn mi sì balẹ̀. Ní báyìí tí mo tún un wọ̀n, kò pé 3. Èèyàn bí 400 ti wọlé, oníkálùkù ń fi fọ́tò ránṣẹ́, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà la sì jọ ń lò.

Bí mo bá dín in kù sí 2.5, kò ní sí àyè fún un láti mí. Bọ̀dá ti fi módẹ́ẹ̀mù kejì sínú àpò, ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo sáré gbé e lọ sí ojú fèrèsé òkè, mo fa wáyà gígùn láti ara rẹ̀ wá sí kọ̀ǹpútà. Ó fún mi ní 7. Mo dá ìfiránṣẹ́ dúró, mo yí àwòrán sí 720p, mo kọ 2500 Kbps sí i, mo tún tẹ `Start Streaming`. Mo dúpẹ́ pé mo ti pa `Enable Auto-stop` lórí YouTube kí a tó bẹ̀rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe dá a dúró yẹn ni ètò ìbá ti parí pátápátá, tí ìlìńkì ọwọ́ àwọn òǹwòran kò sì ní wúlò mọ́.

Àwòrán náà kò dán tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró mọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ti sọnù. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń gbà á sórí káàdì tirẹ̀, nítorí náà mo gé apá náà jáde lálẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí Ṣakí.

Bọ̀dá kò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Aago mélòó lo wọn íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Aago méje àárọ̀, sà."

"Àwọn wo ló wà nínú gbọ̀ngàn nígbà yẹn?"

"Èmi àti ẹni tó ń gbálẹ̀."