Kí ló dé tí fíìmù fi ń dà bí ìròyìn NTA lórí telifíṣọ̀n tuntun?

Ìwé tí mò ń kọ fún oyè dókítà kò tíì parí o, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọ̀rọ̀ telifíṣọ̀n ni mo bá wá lónìí. Láàárín oṣù yìí nìkan, ó ti tó ènìyàn mẹ́rin tó bi mí pé kí ló ń ṣe telifíṣọ̀n tuntun tí àwọn rà. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti fi fíìmù sí i, ìrìn àwọn òṣèré á kàn máa yọ̀ ṣìnkìn bí ẹni wà lórí òróró, bíi pé ẹnì kan gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn kiri ilé. Telifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́. Ètò kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti tàn sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́, a sì lè pa á kí omi tíì tó gbóná. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó pa á àti ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwòrán inú fíìmù kì í rìn ní ti gidi. Àwòrán tó dúró sójú kan ni kámẹ́rà ń yà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ojú àti ọpọlọ wa ló ń so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà tí ohùn ti wọ inú sinimá ní ìparí àwọn ọdún 1920, àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn tó ń ṣe fíìmù gbà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù ṣì wà títí dòní.

Telifíṣọ̀n ní tirẹ̀ máa ń tún ojú ara rẹ̀ yà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn ń ṣe é ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn ní ìgbà 120. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń ṣe 120. Bí àwòrán 24 bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe kò le rárá: kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó bọ́ sí èyí tó kàn. 24 lọ́nà márùn-ún, 120 nìyẹn, ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí ètò tí mò ń sọ yìí bá wà ní títàn, tí mo máa pè ní ìmújọ̀lọ̀, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Á fi ojúlówó àwòrán kan hàn, á yọjú wo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, á wá fúnra rẹ̀ dá àwòrán mẹ́rin láti fi dí àárín méjèèjì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí ìmújọ̀lọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, nínú àwòrán 120 tí ẹ rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 24 péré ni kámẹ́rà yà. 96 tó kù, àbá ni telifíṣọ̀n fi dá wọn.

Kì í ṣe ìwà ìkà ló mú kí wọ́n ṣe é o. Telifíṣọ̀n pẹlẹbẹ máa ń di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú gbọn-in títí èyí tó kàn á fi dé. Bí ojú wa bá wá ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tó ń sáré, á dà bíi pé ẹnì kan fi ìka fa bọ́ọ̀lù náà nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àwọn àwòrán àárín yẹn ń dín fífà náà kù. Fún bọ́ọ̀lù, ó wúlò. Fíìmù ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbá náà kọ́kọ́ máa ń tàsé. Ẹ wo ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun, tó ń kọjá níwájú ọgbà onírin. Nínú àwòrán àkọ́kọ́ ó wà lápá òsì, nínú èkejì ó ti sún sápá ọ̀tún. Telifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ gbé e sí àárín, kó sì tún ya irin ọgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti rí irin náà, á kàn hùmọ̀ ohun kan síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí nǹkan kan tó ń gbọ̀n bí ooru ojú títì yí orí àti èjìká ẹni tó ń rìn ká. Bí ìrìn bá tún wá yá jù, bí ijó eégún, àbá á pin, telifíṣọ̀n á padà sí àwòrán 24 fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Tí ẹ bá rí ìrìn tó ń jọ̀lọ̀, tó ń ta kán-ún, tó tún ń jọ̀lọ̀ nínú ìran kan náà, ìmújọ̀lọ̀ ni, ẹ má dá kámẹ́rà lẹ́bi.

Àmọ́ kódà bí àbá náà bá tọ́ délẹ̀, fíìmù á ṣì rí bákan. Ní ọdún 2012, Peter Jackson gbé fíìmù Hobbit rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní àwòrán 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà ló sì ya gbogbo wọn, kò sí àbá níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹwòran ní ó jọ eré telifíṣọ̀n, àwọn ń rí aṣọ àti ilé pákó dípò ìtàn. Ojú wa ti kọ́ èdè kan ni. Ìrìn tó jọ̀lọ̀ gan-an, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ló ń sọ fún wa: ìròyìn, bọ́ọ̀lù, ayẹyẹ. Ìrìn tó wúwo díẹ̀, ìtàn ló ń sọ.

Àwọn òyìnbó máa ń fi eré ọ̀sán wọn, tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà ní owó pọ́ọ́kú, ṣàpèjúwe ìríra yìí. Àwa náà ní tiwa. Kámẹ́rà fíìmù gidi ni wọ́n fi ya Ayé ti Hubert Ogunde ní 1979, inú sinimá la ti ń lọ wò ó. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, tí fíìmù gidi ti wọ́n ju agbára lọ, kámẹ́rà fídíò ni àwọn oníṣẹ́ wa gbé. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ nílé wa máa ń ya ààbọ̀ àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà ìròyìn NTA. Ìrìn inú fíìmù àgbéléwò yẹn ló wà lójú wa. Nítorí náà, bí ìmújọ̀lọ̀ bá wọ inú fíìmù tuntun, ibi tí ojú ọmọ Yorùbá máa gbé e lọ tààrà ni Ìdúmọ̀tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ní Mansẹ́sítà gan-an nìyẹn. Àbúrò wa obìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù gbé èyí tó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá fún wa wò, ìṣẹ́jú 18. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó kó tó rí owó rẹ̀. Bí fíìmù ṣe parí, bọ̀dá kan ní, “Ìtàn ẹ dára o, àbúrò, ṣùgbọ́n ó jọ àgbéléwò ayé àtijọ́. Kámẹ́rà wo lo rí yá?” Ọmọ náà kò fèsì. Mo tọrọ rìmóòtù lọ́wọ́ onílé, mo pa ìmújọ̀lọ̀, mo sì ní ká tún ibì kan wò, níbi tí ìyá àgbà ti ń gun àtẹ̀gùn lálẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí bọ̀dá yẹn náà ní, “Háà, fíìmù rèé!” Lẹ́yìn tí a jẹun tán ni àbúrò sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje tí mo fi í sí. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló burú.”

Ó dáa, bí ẹ ṣe máa pa á rèé. Orúkọ rẹ̀ ló ń dani láàmú, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fíìmù kan sí i kó máa lọ, kí ẹ tó wọ Settings, kí ẹ lọ sí Picture. Lórí Samsung, ẹ wọ Expert Settings, ẹ wá Picture Clarity Settings (Auto Motion Plus ni lórí àwọn tó ti pẹ́), kí ẹ yí i sí Off. Lórí LG, TruMotion ni ẹ máa wá. Lórí Sony, Motionflow ni. Bí telifíṣọ̀n yín bá jẹ́ ti Roku, ẹ tẹ bọ́tìnì oníràwọ̀ lórí rìmóòtù nígbà tí fíìmù bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ wá Action Smoothing. Bí ti yín kò bá sí níbí, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó bá ní Motion tàbí Smooth nínú lábẹ́ Picture.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé lórí ọ̀pọ̀ telifíṣọ̀n, ibi tí ẹ ti pa á nìkan ló kú sí. Ẹ lè pa á lórí HDMI 1, kó ṣì wà láàyè nínú Nẹ́tífílíìsì. Ẹ lè pa á fún fíìmù lásán, kó tún jí nígbà tí èyí tó ní HDR bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2020 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi Filmmaker Mode sí telifíṣọ̀n, òun sì ń pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó máa ń mú àwọ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì lè ṣókùnkùn jù fún pálọ̀ tí oòrùn ń wọ̀.

Tí ẹ bá pa á tán, tí kámẹ́rà bá rọra yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ẹ máa rí i tí àwòrán á gbọ̀n díẹ̀. Bí fíìmù ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń hàn jù lórí telifíṣọ̀n OLED, torí ó yára pàrọ̀ àwòrán. Bó bá ń dun ojú yín, ẹ má tan gbogbo rẹ̀ padà. Lórí LG, ẹ yan èyí tí ẹ ti lè fi ọwọ́ ara yín sún un, kí ẹ gbé De-Judder sí 2 tàbí 3. Lórí Samsung, Custom ni, Judder Reduction sì ni orúkọ tirẹ̀.

Ní ti bọ́ọ̀lù, bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ ètò Sports tirẹ̀. Àwòrán 50 tàbí 60 ni kámẹ́rà pápá ń yà tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù tí telifíṣọ̀n ní láti hùmọ̀. Ẹni tó bá ra telifíṣọ̀n fún àwọn òbí nílé, ẹ bá wọn pa á kí ẹ tó padà wá, torí bàbá kò ní pè yín lórí fóònù pé TruMotion ló ń dààmú òun. Wọ́n á kàn ní fíìmù ayé ìsinsìnyí kò dùn mọ́ ni.