Ojú Ìwé Àwọn Ajẹ́rìí

Ní tòsí òpópónà Bauchi ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì ti máa ń wá tẹ̀wé, ni mo ti kọ́ṣẹ́ síífíì kíkọ. Ọ̀gá mi obìnrin le. Ọjọ́ ìbí, ilé ìwé àti ìlà tó gún régé ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan apá àwọn ajẹ́rìí.

Nígbà tó gbà mí láyè, ìpolówó iṣẹ́ ló ní kí n kọ́kọ́ kà. "Ṣé wọ́n béèrè àbí wọn ò béèrè?" Yunifásítì sábà máa ń béèrè ajẹ́rìí mẹ́ta, pẹ̀lú ipò, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì wọn. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé òun á fi orúkọ ránṣẹ́ bí wọ́n bá béèrè, ṣe ló dà bí ẹni tí kò ka ìpolówó. Bí wọn ò bá sì béèrè, ọ̀gá mi kì í kọ ìlà yẹn náà. Gbogbo ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ló mọ̀ pé òun lè béèrè. Iṣẹ́ téèyàn ti ṣe ló máa fi dí ibẹ̀, á wá tẹ orúkọ àwọn ajẹ́rìí sójú ìwé ọ̀tọ̀ tí oníbàárà á mú dání lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Síífíì máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, a kì í sì í fọ́n nọ́ńbà àgbàlagbà káàkiri.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ń wá iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé ìwé gíga kan. Orúkọ pásítọ̀ rẹ̀, ti àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olóṣèlú, àti ti olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló kó wá.

"Ta ló rí ọ nídìí maikirosíkópù nínú wọn?"

"Olùkọ́ mi nìkan, mà."

Bí wọ́n ṣe yọ olóṣèlú nìyẹn, tí wọ́n fi ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Vom rọ́pò rẹ̀. Pásítọ̀ dúró, nítorí ìwà.

Ọ̀gá mi ní kó lọ bá wọn ná. "Má kàn ní o fẹ́ lo orúkọ wọn. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ dáadáa. Ẹni tó bá ń fà á, tàbí tó ń bi ọ́ pé ọdún wo lo jáde, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o wá ẹlòmíràn."

Ó tẹ ìwé mẹ́ta fún un, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìpolówó náà, síífíì, àti ìwé pélébé tó rán wọn létí ohun méjì tí wọ́n rí i tó ṣe. Ti olùkọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó kùn láró fún àyẹ̀wò ibà, àti àbọ̀ ìwádìí tó kọ fúnra rẹ̀. Ìpolówó sọ pé kí àwọn ajẹ́rìí fi lẹ́tà ránṣẹ́ tààrà sí rẹ́jísítírà, nítorí náà a kọ àdírẹ́sì àti ọjọ́ tí wọ́n máa tì í sókè ìwé náà gàdàgbà. Lẹ́tà kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà kọjá.

Lójú wa ló ti pe nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti olùkọ́ kò lọ. Ó ti pa láìnì yẹn tì, ímeèlì tó wà lọ́wọ́ wa sì jẹ́ ti ilé ìwé tó ti kúrò. Ẹ̀ka rẹ̀ àtijọ́ la ti rí tuntun gbà. Ọ̀gá mi ní kó rán wọn létí ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ ìparí, kó tún pè wọ́n bí wọ́n bá ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ìpè àlejò má bàa bá wọn lójijì. Bí wọ́n gbà á síṣẹ́, bí wọn ò gbà á, kó padà lọ sọ fún wọn.