Ọ̀rọ̀ Kan Tó Gbé Ẹjọ́ Wa Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Galadimawa, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní 1991, oko àwọn Gbagyi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe, àdéhùn iṣẹ́ ni mo sì máa ń kọ. Bí a bá gbé àdéhùn fún ọ̀gá mi, ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń kà á wá. Wọ́n ní ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ìjà ni àwọn èèyàn ń kọ gbẹ̀yìn, nígbà tó bá ti rẹ gbogbo wọn, tí wọ́n á kàn dà á kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ìka tọ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀. "Lọ́ńdọ̀nù lo kọ síbí. Ṣé ibẹ̀ ni àwọn onílàjà á ti jókòó gbọ́ ẹjọ́ ni, àbí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ń gbé?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì là á yé mi. Ibi tí àwọn onílàjà ti ń gbọ́ ẹjọ́ lè jẹ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní ìlú yòówù. Ṣùgbọ́n ibùjókòó ẹjọ́ ni ilé rẹ̀ lójú òfin. Òfin ilẹ̀ yẹn ló ń darí bí ẹjọ́ yóò ṣe rìn. Kóòtù ibẹ̀ ló lè yọ onílàjà tó ń ṣègbè, òun náà ló sì lè fagi lé ìdájọ́ wọn. Òfin tí a ó fi túmọ̀ àdéhùn fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi padà sọ́kàn mi nígbà tí ẹjọ́ P&ID dé. Ní oṣù kìíní 2010, ìjọba wa bá ilé iṣẹ́ yìí ṣe àdéhùn lórí gáàsì. Wọ́n kọ ọ́ pé òfin Nàìjíríà ni yóò darí àdéhùn náà, àti pé òfin ìlàjà Nàìjíríà ni wọn ó fi gbọ́ ìjà tó bá bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ ọ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni yóò jẹ́ "ibi" ìgbẹ́jọ́ náà. Wọn ò pè é ní ibùjókòó.

Iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀, ìjà sì dé. Ní oṣù keje 2015, àwọn onílàjà mẹ́ta dá ìjọba wa lẹ́bi. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fẹ́ tako irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 28 péré. Nílé wa, oṣù mẹ́ta ni. Oṣù kejìlá ni ìjọba tó lọ bẹ kóòtù Lọ́ńdọ̀nù pé kó fi àkókò kún un, kóòtù sì kọ̀. Ni wọ́n bá darí sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, èyí tó fagi lé ìdájọ́ náà ní oṣù karùn-ún 2016.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún yẹn ni àwọn onílàjà ti sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ni ibùjókòó, wọn ò sì dúró. Ní oṣù kìíní 2017, wọ́n ní kí Nàìjíríà san dọ́là bílíọ̀nù 6.6, pẹ̀lú èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èlé yẹn nìkan ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lójúmọ́.

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ 2019. Mo jókòó sí fàráńdà mi ní Galadimawa, mò ń ka ìdájọ́ Adájọ́ Butcher ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní àdéhùn kò sọ pé ibi tí wọ́n á ti jókòó gbọ́ ẹjọ́, ibi "ìgbẹ́jọ́" lápapọ̀ ló sọ. Ó ní òfin wa fúnra rẹ̀ ti gba àwọn onílàjà láyè láti jókòó síbi tó bá wù wọ́n, nítorí náà, bí wọ́n ṣe dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tó ju ọ̀rọ̀ yàrá ìpàdé lọ. Ibùjókòó ni. Báyìí ni ìdájọ́ ti Èkó ṣe di aláìlágbára lójú wọn. Mo pa ìwé náà dé, oorun ò sì kùn mí.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Kóòtù Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà ló padà gbà wá. Wọ́n fún ìjọba láyè ní 2020 láti wá tako ìdájọ́ náà nítorí ẹ̀sùn jìbìtì. Ní oṣù kẹwàá 2023, Adájọ́ Knowles sọ pé jìbìtì ni P&ID fi gba ìdájọ́ náà, nígbà tí gbèsè ti lé ní dọ́là bílíọ̀nù 11. Nítorí náà, mi ò sọ pé Lọ́ńdọ̀nù burú. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn, àti iye ọjọ́ tó ní kí wọ́n tó tì í.

Àwọn lọ́yà kéékèèké ṣì máa ń gbé àdéhùn wá bá mi níbí. Ẹ̀yìn ni mo ti ń kà á wá. Bí mo bá ti rí "ibi", mo máa ń fa igi lé e, kí n kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: "Ibùjókòó ìgbẹ́jọ́ onílàjà yìí lójú òfin ni Àbújá. Àwọn onílàjà lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ níbòmíràn, ìyẹn kò sì yí ibùjókòó padà."