Owó Orin Tí Ẹgbẹ́ Akọrin Wa Kọ, Ta Ló Ń Gbà Á?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìkànnì orin.

Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Dádì, orin wa tí gbogbo èèyàn ń wò lórí YouTube yẹn, ta ló ń gba owó rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Owó ọkọ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń wá sí ìdánrawò, ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ni mo bá pe àwọn ọmọ mídíà, a jókòó, a yẹ fídíò wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé yín. Ohun ìní méjì ló wà nínú orin kan. Àkọ́kọ́ ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan jókòó ṣe. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sitúdíò. Tí ẹ bá fi ẹnu yín àti ìlù yín kọ orin ẹlòmíì, ti àkọ́kọ́ nìkan lẹ fọwọ́ kàn. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni YouTube lè jẹ́ kí ẹ̀yin àti ẹni tó ni orin jọ pín owó ìpolówó rẹ̀, tí ìkànnì yín bá ti wà lára àwọn tó ń gbowó, tí olórin náà sì gbà kí wọ́n máa pín in. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lo ohùn tí ẹlòmíì gbà sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ìlù rẹ̀ nìkan, ìpín yẹn ti bọ́.

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ lo kọ̀ǹpútà, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ tẹ Content. Ẹ wo abẹ́ Restrictions. Fídíò tí ẹ bá rí Copyright níwájú rẹ̀, ẹnì kan ti sọ pé òun ní nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ wo orúkọ ẹni náà, ìṣẹ́jú tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí fídíò náà. Lẹ́yìn náà ẹ wo àmì dọ́là lábẹ́ Monetization. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá wọ́n gbà yín láyè láti tan owó sí i.

Fídíò mẹ́ta ló gba àkókò wa jù. Ti arábìnrin náà, kíbọ́ọ̀dù wa, ìlù wa, ẹnu wa. Wọ́n ti bèèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mídíà sì ti fẹ́ bá wọn jà. Mo ní kó fi ọwọ́ wọ́nú. Tí ẹni tó ni orin kò bá bèèrè, kò sí ìpín. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn. Tan owó sí i, kí o tẹ Save. (Àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná!)

Ìkejì, arákùnrin kan ló kọ ọ́ lórí ìlù kàraókè tó wà á sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò sí ìpín kankan níbẹ̀, nítorí ìlù yẹn ní ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ìkẹta ni orin ìyìn àtijọ́ kan. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, òfin Nàìjíríà ti 2022 sì fi ẹ̀tọ́ orin sí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀ wọ́n bèèrè ẹ̀tọ́ lé e, torí ẹ̀rọ rò pé ohùn wa jọ ti àwo kan. Níbí ni ìjà ti tọ́. A kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe ètò tuntun tí ẹnì kan ṣe sórí orin náà la kọ, nítorí ètò tuntun lè ní olówó tirẹ̀. Lẹ́yìn náà la tẹ Dispute. Tí ẹ bá ṣe é kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, wọ́n á tọ́jú owó náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bèèrè. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá yín lóhùn.

Ní ti arákùnrin wa, Sátidé yìí ni a ó tún orin rẹ̀ gbà sílẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tiwa. YouTube kì í jẹ́ kéèyàn fi fídíò tuntun rọ́pò èyí tó ti wà níbẹ̀, nítorí náà gẹ́gẹ́ bí fídíò tuntun la ó ṣe gbé e sókè, yóò sì bẹ̀rẹ̀ kíka àwọn tó wò ó láti òdo. Ó ní òun fara mọ́ ọn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o, onílù, ẹ má pẹ́.