Ọ̀rọ̀ Ìṣíde Kì Í Ṣe Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dọọdún tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe rí ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, ẹ mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alága ti jókòó, àlejò tó fẹ́ dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó, a ti kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n á wá ní kí ẹnì kan jáde wá ṣàlàyé àkòrí ọdún yìí àti ìdí tí a fi pé jọ. Onítọ̀hún á kí gbogbo ayé tán, á kí alága lẹ́ẹ̀mẹta, á ní àkòrí wa bọ́ sákòókò, á sì lọ jókòó. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́yìn họ́ọ̀lù pé kí ló sọ. Á ní, "Ó kí wa dáadáa."

Lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n ní ṣebí akéwì ni mí, ṣebí Yorùbá ni mò ń kà. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà, torí pé ẹnì kan nínú yín ni wọ́n máa gbé e fún lọ́dún tó ń bọ̀.

Àkòrí ni mo kọ́kọ́ bá jà. Èyí tí ìgbìmọ̀ ní lọ́wọ́ ni "Ẹ̀kọ́ àti Ìdàgbàsókè Orílẹ̀-Èdè". Mo bi wọ́n pé ta ló máa dìde nínú họ́ọ̀lù kó ní irọ́ ni, ẹ̀kọ́ kò wúlò. Wọ́n ní kò sí. Mo ní tí kò bá sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀, kì í ṣe àkòrí, ìkíni ni. Àkòrí gbọ́dọ̀ ní ìbéèrè nínú, ìbéèrè tí ọlọ́gbọ́n méjì lè dáhùn kí ìdáhùn wọn má bára mu.

Orí owó fotokópì ni àkòrí tòótọ́ ti yọjú. A ń ṣírò iye tí pọ́sítà àti ìwé ètò máa ná wa, akápò ẹgbẹ́ sì ń kùn pé ìwé ti gbówó lórí jù. Ni ẹ̀gbọ́n wa kan, tó jẹ́ ọmọ Ògùn Wọ́tásáídì, bá ní, "Bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ ṣe ìwé lọ́dọ̀ wa o. Ìwopín. Igi mẹlínà ni wọ́n fẹ́ lò." Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó gbójú sókè. Ó ní, "Mẹlínà kẹ̀? Mẹlínà ni wọ́n ń là ní sọ́míìlì bàbá mi!" Gbogbo wa dákẹ́. Igi kan náà, ìlú méjì, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kó tó dalẹ́, àkòrí ti yí padà: "Igi Ń Bẹ Nígbó, Ìwé Ń Bọ̀ Láti Òkè Òkun: Kí Ló Ṣẹlẹ̀ ní Ìwopín?"

Ìyẹn gan-an ni mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwé ńlá mẹ́ta lọ́kàn. Ti Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969. Ti Òkù-Ìbòkù, tó wà fún ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn, bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ìwopín ni ẹ̀kẹta, òun ni wọ́n ní kó máa ṣe ìwé ìkọ̀wé àti ìwé ìtẹ̀wé, irú èyí tí ẹ mú dání yìí. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti dáwọ́ lé e, wọn kò sì kọ́ ọ parí bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fojú dí ṣàyàn ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwé a máa mu omi bí ẹja, Ìwopín sì wà létí ọ̀sà Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ bí ti òkun. Igi náà kò jìnnà: nínú igbó rìsáàfù Omo, pàápàá ní ibi tí wọ́n ń pè ní J4, ìjọba gbin mẹlínà lọ rẹrẹẹrẹ nítorí ìwé. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi náà ti wá. Ó ń yára dàgbà, tí ẹ bá sì gé e, á tún hù lára kùkùté.

Bí igi ṣe ń di ìwé kò ju ohun tí ẹni tó ti rí ìya ọlọ́ṣẹ rí lè lóye. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é nínú ìkòkò irin ńlá pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti àwọn èròjà mìíràn títí tí ohun tó lẹ igi pọ̀ á fi yọ́ dànù, tí òwú igi nìkan á ṣẹ́ kù. Wọ́n á fọ òwú náà, wọ́n á bó o kó funfun, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí àwọ̀n yẹn ni ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dọ́ba ni pé òwú mẹlínà kúrú, bíi mìlímítà 1. Ti igi páìnì ilẹ̀ tútù gùn tó mìlímítà 3. Òwú kúkúrú a máa jẹ́ kí ojú ìwé dán, òwú gígùn ló ń jẹ́ kí ó lágbára kó má fàya. Nítorí náà, mẹlínà nìkan kò tó fún gbogbo irú ìwé. Wọ́n ní láti ra òwú gígùn láti òkè òkun láti fi lú u. Ẹ ti rí i: owó ilẹ̀ òkèèrè ti wọ inú ọ̀rọ̀ igi wa.

Tí mo bá sọ gbogbo èyí lórí maikirofóònù, mo ti gba oúnjẹ lẹ́nu àlejò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn ìkíni gígùn nìyẹn: olùṣíde á ti dá wa lẹ́kọ̀ọ́ tán kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dìde. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nígbà tí àlejò bá ń ṣí ojú ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń ní, "Bí ẹni tó ṣáájú mi ti sọ." Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín ohun tí mo mọ̀ sọ́nà méjì. Ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ìbéèrè tó lè yé e, mo fi í sílẹ̀: igbó, Ìwopín, sọ́míìlì. Ohun tó lè jẹ́ ìdáhùn, mo yọ ọ́: òwú kúkúrú, kọ́sítíìkì, owó ilẹ̀ òkèèrè. Ó dùn mí láti yọ ọ̀rọ̀ òwú, torí ó dùn sọ. Àmọ́ ti àlejò ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n fi ewì arò bẹ̀rẹ̀, kí n sọ Ìwopín di òkú, kí n pe ọ̀sà ní omijé. Ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Wọ́tásáídì ló dá a dúró. Ó yíjú sí mi. "Àbúrò," ó ní, "èèyàn ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń nájà, wọ́n ń bímọ. Àwọn bàbá wa máa wà lórí ìjókòó iwájú. Ilé iṣẹ́ ni kò parí, ìlú kọ́ ni." Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ń ṣíde lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ àwọn tó pè wá gbọ́ràn di ẹni tí a ń káàánú, wọn kò sì ní gbọ́ ohun tó kù.

Ó wá ku ète. Ohun tí a máa ń kọ ni pé "láti la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀". Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ kejì pé ẹnikẹ́ni là lọ́yẹ̀? Mo ní kí ète wa jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ kàn: kí olúkúlùkù gba ààbọ̀ ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà, kó kọ ìbéèrè kan sí i lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí a gbà wọ́n, kí a sì tẹ èyí tí a kò rí dáhùn sínú ìwé ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n gbà. Ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n fún mi. Àárín ọ̀rọ̀ mi rèé:

"Kábíyèsí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, alága, àlejò wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo júbà, kí ìbà mi ṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ yín sókè. Igi ni. Ìjọba gbin mẹlínà sínú igbó Omo kí ó lè di ìwé. Ìjọba dáwọ́ lé ilé iṣẹ́ ní Ìwopín kí mẹlínà náà lè rí ibi di ìwé. Igi dàgbà. Ilé iṣẹ́ kò parí. Igi tí a gbìn fún ìwé ń di pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwa sì ń ra ìwé tó gba orí òkun wá. A kò pè yín láti wá bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan la ní: nínú igi, omi, owó, òye àti ìpinnu, èwo ni kò pé? Àwọn kan nínú wa ní owó ni. Àwọn kan ní igi náà gan-an ni. Wọn kò lè jọ jàre. Tí a bá mọ èyí tí kò pé, a ó mọ ohun tó yẹ kí a bi ẹni tó bá tún wá sọ fún wa pé òun fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní àgbègbè yìí."

Mo ti fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ má ṣe fo èyí o. Ọ̀rọ̀ ìṣíde kò lè gba ẹni tó gbé iṣẹ́ mìíràn wá láti ilé là. Nígbà tó dìde, kò tún àkòrí kà rárá. Ó ní, "Mo wà lára àwọn tó ní igi ni," họ́ọ̀lù pariwo, bàbá kan ní iwájú sì mi orí pé rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti parí.

Àwọn ààbọ̀ ìwé náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. A dáhùn púpọ̀ nínú wọn lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí a kò rí dáhùn, tí a sì ti ṣèlérí láti tẹ̀, bíírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀: "Tí mẹlínà bá ń hù padà lára kùkùté, ta ló ń gé e báyìí, ta ló sì ń gba owó rẹ̀?"