Omi Ọmọ Tuntun àti Ìyá Ọkọ

Ọ̀rọ̀ omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ tó wá wẹ ọmọ. Màmá ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ; nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan fún oṣù 6. Nọ́ọ̀sì ló jàre. Omi pọ̀ nínú ọmú fúnra rẹ̀, ikùn ọmọ tuntun sì kéré: omi tàbí àgbo tí wọ́n bá rọ fún un ń gba ààyè oúnjẹ, ká má tíì sọ ti ìgbẹ́ gbuuru tí omi àìmọ́ ń fà. Bí ọmọ bá ń tọ̀ dáadáa, tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́.

Ọkọ ló yẹ kó sọ ọ́, kí màmá tó dé, kì í ṣe ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: "Ẹ̀yin náà lẹ ó máa wẹ̀ ẹ́, Màámi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un lómi." Màmá lè ní àgbo làwọn fi tọ́ ọkọ náà, kò sì kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru pa ò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Àwọn mìíràn á ní àrífín ni. Mi ò gbà; kí ìyàwó máa da àgbo nù lẹ́yìn màmá gan-an ni àrífín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ti ìyàwó yín síwájú láti kojú ìyá yín.